Bí a Ṣe Ń Ṣírò pH Ásíìdì Fọ́sífọ́ríìkì ní Ìpele Kìn-ín-ní àti Ìpele Kejì

Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí mò ń kọ́ ní kẹ́místírì gbé ìwé iṣẹ́ rẹ̀ wá bá mi. Wọ́n ní kí ó wá pH ásíìdì fọ́sífọ́ríìkì tó jẹ́ 0.10 M. Ó rí i pé H₃PO₄ ní háídírójìn mẹ́ta, ó sọ 0.10 di 0.30, ó tẹ log lórí kalikulétọ̀, ó sì kọ 0.52 sílẹ̀. Ìdáhùn tó tọ́ ni 1.63. Ẹni tó bá yí pH méjèèjì padà sí iye H⁺ yóò rí i pé tirẹ̀ fi bí ìlọ́po mẹ́tàlá ju òótọ́ lọ. Ọmọ náà mọ ìṣirò dáadáa. Ohun tí kò tíì yé e ni pé háídírójìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í jáde pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àti pé èyí tó kọ́kọ́ jáde ni yóò dí ọ̀nà mọ́ èkejì.

Ohun tí mo ṣàlàyé fún un lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ kọ síbí, láti orí ásíìdì nìkan nínú omi títí dé ìgbà tí a bá ń da kọ́sítíìkì sódà sí i.

Àwọn nọ́ńbà tí a ó lò

H₃PO₄ ń tú háídírójìn rẹ̀ sílẹ̀ ní ìpele mẹ́ta, ìpele kọ̀ọ̀kan sì ní Ka tirẹ̀. Ka ló ń sọ bí háídírójìn ṣe ń fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ tó: bí Ka bá ṣe tóbi tó ni jíjáde ṣe rọrùn tó. pKa sì ni −log Ka. Ní 25 °C:

```
H3PO4   ⇌ H+ + H2PO4-     Ka1 = 7.1 × 10^-3    pKa1 = 2.15
H2PO4-  ⇌ H+ + HPO4^2-    Ka2 = 6.3 × 10^-8    pKa2 = 7.20
HPO4^2- ⇌ H+ + PO4^3-     Ka3 = 4.5 × 10^-13   pKa3 = 12.35
```

Ẹ wo Ka1 àti Ka2 dáadáa. Tí ẹ bá fi èkejì pín èkíní, ohun tí ẹ ó rí lé ní 100,000. Ìdí rẹ̀ kò le láti lóye. Háídírójìn kìn-ín-ní ń kúrò lára mólẹ́kù tí kò ní iná kankan lára, ṣùgbọ́n ìkejì gbọ́dọ̀ já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ H₂PO₄⁻ tó ti di nẹ́gétíìfù, bẹ́ẹ̀ H⁺ fúnra rẹ̀ jẹ́ pọ́sítíìfù. Àwọn méjèèjì ń fa ara wọn mọ́ra. Ìkẹta tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àlàfo ńlá yìí ló fún wa láyè láti ṣírò ìpele kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Kì í ṣe gbogbo ásíìdì ló ní irú rẹ̀. Sọ́fúríìkì, bí àpẹẹrẹ, tú háídírójìn àkọ́kọ́ rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá, Ka2 rẹ̀ sì tó 0.012. Ìyẹn tóbi tó láti yí pH padà, nítorí náà ẹ má fi ọ̀nà tí mo fẹ́ júwe yìí ṣe é.

Ìwé kan lè kọ 7.5 × 10⁻³ fún Ka1. Ẹ lo èyí tó wà nínú ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ yín. Fún 0.10 M, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò ju pé 1.63 yóò di 1.62.

Pípo ásíìdì náà

Ẹni tí kò sí ní láábù lè fo ibí yìí. Ásíìdì fọ́sífọ́ríìkì inú ìgò sábà máa ń jẹ́ 85% ní ìwúwo, mìlílítà kan rẹ̀ sì ń wọn gíráàmù 1.685. Lítà kan yóò wọn gíráàmù 1685, ásíìdì gan-an tó wà nínú rẹ̀ sì jẹ́ gíráàmù 1432. Móòlù kan H₃PO₄ jẹ́ gíráàmù 98, nítorí náà inú ìgò yẹn jẹ́ bíi 14.6 M. Láti po lítà kan 0.10 M, mìlílítà 6.8 ni ẹ ó wọ̀n. Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ bù sínú fíláásìkì, kí ẹ tó da ásíìdì sí i, kí ẹ wá fi omi kún un dé àmì. Ẹ wọ awò ìdáàbòbò àti ìbọ̀wọ́.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ yanjú ìpele àkọ́kọ́ nìkan

Ẹ ṣe bí ẹni pé Ka2 àti Ka3 kò sí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, 0.10 M H₃PO₄ ló wà. Apá kan rẹ̀ tú, ẹ jẹ́ ká pe apá náà ní x. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá dúró, H₃PO₄ tó kù jẹ́ 0.10 − x, H⁺ jẹ́ x, H₂PO₄⁻ náà sì jẹ́ x. Ẹ fi wọ́n sínú Ka1:

```
x^2 / (0.10 − x) = 0.0071
x^2 + 0.0071x − 0.00071 = 0
x = [−0.0071 + √(0.0071^2 + 4 × 0.00071)] / 2
x = (−0.0071 + 0.05376) / 2 = 0.0233
pH = −log 0.0233 = 1.63
```

Kí ẹ tó lọ síwájú, ẹ dá x padà sínú ìlà àkọ́kọ́. 0.0233 lọ́nà 0.0233, tí a fi 0.0767 pín, fún wa ní 0.0071. Ó bá a mu. Ìṣẹ́jú kan ni àyẹ̀wò yìí ń gbà, òun ló sì ń tú àṣìṣe àmì àyọkúrò fó kíákíá, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣubú nínú ìdọ́gba kuadírátíìkì.

Ọ̀nà àbùjá kan wà tí wọ́n fi kọ́ wa fún ásíìdì ọtí kíkan: ẹ gbàgbé x tó wà nísàlẹ̀, kí ẹ wá síkúwẹ́à rúùtù Ka lọ́nà iye ásíìdì. Tí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ níbí, x yóò jẹ́ 0.0266, pH yóò sì jẹ́ 1.57. Kò jìnnà sí 1.63 ní ojú, ṣùgbọ́n H⁺ inú rẹ̀ fi 14 nínú ọgọ́rùn-ún ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ẹ ó ṣe mọ̀ pé àbùjá náà kò yẹ nìyí: x tó fún yín jẹ́ 27 nínú ọgọ́rùn-ún ásíìdì tí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ tí x bá ti kọjá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, kò sí ẹni tó lè sọ pé 0.10 − x ṣì jẹ́ 0.10. Kí ásíìdì fọ́sífọ́ríìkì tó lè yẹ fún àbùjá yẹn, ó ní láti ki tó nǹkan bíi 2.8 M, bẹ́ẹ̀ sì ni níbi tó bá ti ki tó bẹ́ẹ̀, Ka fúnra rẹ̀ kì í bá òótọ́ mu mọ́. Èrò tèmi ni pé kí ẹ má lò ó rárá fún ásíìdì yìí.

Ẹni tí kò bá fẹ́ràn kuadírátíìkì lè gba ọ̀nà àtúnṣe. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0.0266 yẹn, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 0.10, ẹ fi 0.0071 ṣe ìlọ́po èyí tó kù, ẹ wá síkúwẹ́à rúùtù rẹ̀. Ẹ ó rí 0.0228. Ẹ tún un ṣe pẹ̀lú 0.0228, yóò fún yín ní 0.0234, lẹ́yìn náà 0.0233, yóò sì dúró síbẹ̀. Nígbà tí nọ́ńbà kò bá yí mọ́, ẹ ti dé.

Ìgbésẹ̀ kejì: kí ni ìpele kejì fi kún un?

Ibí ni mo fẹ́ kí a dúró sí pẹ́, nítorí pé àṣìṣe tó wà níbí kì í hàn nínú pH, ó máa ń fara pamọ́.

Nígbà tí H₂PO₄⁻ bá fẹ́ tú, omi kò ṣófo mọ́. 0.0233 M H⁺ ti wà níbẹ̀ láti ìpele kìn-ín-ní, ó sì ń ti ìdọ́gba kejì padà sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ ká pe iye H₂PO₄⁻ tó tú ní y. H⁺ di 0.0233 + y, H₂PO₄⁻ di 0.0233 − y, HPO₄²⁻ sì jẹ́ y:

```
Ka2 = (0.0233 + y) · y / (0.0233 − y) = 6.3 × 10^-8
```

Nítorí pé Ka2 kéré gan-an, y kò lè tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ 0.0233. Òkè àti ìsàlẹ̀ yóò pa ara wọn rẹ́, ohun tó máa kù ni:

```
y = [HPO4^2-] = Ka2 = 6.3 × 10^-8 M
```

Ẹ rí i pé iye ásíìdì tí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kò sí nínú ìdáhùn yìí rárá. Bóyá 0.10 M ni tàbí 0.50 M, HPO₄²⁻ yóò ṣì jẹ́ Ka2, níwọ̀n ìgbà tó bá jẹ́ pé ásíìdì nìkan ló wà nínú omi, nítorí pé ìpele kìn-ín-ní ṣe H⁺ àti H₂PO₄⁻ ní iye kan náà.

H⁺ tí ìpele kejì mú wá náà jẹ́ 6.3 × 10⁻⁸. Ẹ fi wé 0.0233 tó wà nílẹ̀. Nínú H⁺ bíi 370,000, ẹyọ kan ṣoṣo ló wá láti ìpele kejì. pH kò kúrò ní 1.63. Ìpele kẹta kò tilẹ̀ yẹ fún ìṣirò níbí. PO₄³⁻ kò ju 1.2 × 10⁻¹⁸ M lọ.

Àṣìṣe tí mo ń sọ nìyí. Akẹ́kọ̀ọ́ á mú 0.0233 bí ẹni pé ásíìdì tuntun ni, á tún tábìlì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti òdo, á kọ y lọ́nà y lókè, á wá rí y = 3.8 × 10⁻⁵. Ìyẹn fi bí ìlọ́po 600 ju òótọ́ lọ. Tó bá wá fi kún 0.0233, pH rẹ̀ yóò ṣì jẹ́ 1.63, inú rẹ̀ á dùn pé òun gbà á. Ṣùgbọ́n tí ìbéèrè bá béèrè iye HPO₄²⁻, ó ti pàdánù rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ ti ṣe irú rẹ̀, ẹ wo H⁺ tí ẹ fi sínú ìlà kejì. Tí 0.0233 kò bá sí níbẹ̀, ẹ ti gbàgbé ohun tó wà nínú omi.

Tí ásíìdì bá fẹ́lẹ́

Ẹ wo ẹ̀yìn ìgò kólà: ásíìdì fọ́sífọ́ríìkì máa ń wà lára àwọn èròjà rẹ̀, nígbà mìíràn wọ́n á kọ E338 dípò orúkọ rẹ̀. Òun ló ń fún ẹlẹ́rìndòdò dúdú yẹn ní kíkan tó ń gún ahọ́n. Ìwọ̀n rẹ̀ wà nítòsí 0.005 M. Ẹ fi 0.0050 sí ibi tí 0.10 wà tẹ́lẹ̀ nínú ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní, x yóò jẹ́ 0.0034, pH á sì jẹ́ 2.47. Tí wọ́n bá fi mítà pH wọn kólà, nítòsí 2.5 náà ni ó máa ń wà. Níbí, bíi ìdá méjì nínú mẹ́ta ásíìdì ló ti tú, nígbà tó jẹ́ pé kò tó ìdá mẹ́rin kan nínú 0.10 M. Bí omi bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ìpele kìn-ín-ní ṣe ń sún mọ́ títú tán.

Ìpele kejì ńkọ́? HPO₄²⁻ ṣì jẹ́ 6.3 × 10⁻⁸, kò sì nípá lórí 0.0034. Ó di ìgbà tí ásíìdì bá fẹ́lẹ́ dé nǹkan bíi 10⁻⁶ M kí ìpele kejì tó mú nǹkan bí 6 nínú ọgọ́rùn-ún wá. Níbẹ̀ ni ọ̀nà wa yìí parí sí, nítorí pé H⁺ tó ti inú omi fúnra rẹ̀ wá náà ti ń fẹ́ kí a kà á mọ́ wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: nígbà tí sódà bá wọlé, Ka2 di ọ̀gá

Ẹ bu mìlílítà 50 ásíìdì 0.10 M yẹn sínú bíkà. Mìlímóòlù 5 H₃PO₄ ló wà nínú rẹ̀. Ẹ máa da NaOH 0.10 M sí i díẹ̀díẹ̀ láti inú bùrẹ́ẹ̀tì.

Ní mìlílítà 25, ìdajì H₃PO₄ ti di H₂PO₄⁻. Ìwé á sọ fún yín pé níbi tí ìdajì bá ti wà, pH = pKa1, ìyẹn 2.15. Ẹ má gbà á gbọ́ níbí. H⁺ pọ̀ jù ní ìpele kìn-ín-ní fún irú ìlànà bẹ́ẹ̀, nítorí pé ásíìdì tí sódà kò tíì fọwọ́ kàn ṣì ń tú fúnra rẹ̀. Gbogbo omi ti di mìlílítà 75, nítorí náà H₃PO₄ àti H₂PO₄⁻ jẹ́ 0.0333 M ọ̀kọ̀ọ̀kan kí títú náà tó bẹ̀rẹ̀:

```
x(0.0333 + x) / (0.0333 − x) = 0.0071
x = 0.0052
pH = 2.29
```

Ní mìlílítà 50, H₃PO₄ ti tán, NaH₂PO₄ nìkan ló kù, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ 0.050 M. H₂PO₄⁻ lè tú háídírójìn sílẹ̀, ó sì tún lè gba òmíràn mọ́ra, nítorí náà Ka méjèèjì ló ń bá ara wọn jà lórí rẹ̀:

```
[H+] = √(Ka1 · Ka2 · C / (Ka1 + C))
     = √(0.0071 × 6.3 × 10^-8 × 0.050 / 0.0571)
     = 2.0 × 10^-5
pH = 4.70
```

Ẹni tó bá kàn pín àròpọ̀ pKa1 àti pKa2 sí méjì yóò rí 4.68, ìyẹn náà sì dára tó fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́.

Láti ibí lọ sókè, H₃PO₄ ti di ìtàn. H₂PO₄⁻ ni ásíìdì tuntun, Ka2 ló sì ń pàṣẹ. H⁺ ti kéré gan-an níbí, kò lè yí iye àwọn tó kù padà, nítorí náà ìlànà tó tàn wá jẹ ní mìlílítà 25 wá di òdodo:

```
pH = pKa2 + log([HPO4^2-] / [H2PO4-])
```

Ní mìlílítà 60, sódà mìlímóòlù 1 ti kọjá èyí tó parí ìpele kìn-ín-ní, H₂PO₄⁻ ku 4, HPO₄²⁻ jẹ́ 1, pH sì jẹ́ 7.20 + log 0.25, ìyẹn 6.60. Ní mìlílítà 75, àwọn méjèèjì dọ́gba ní mìlímóòlù 2.5, log 1 jẹ́ òdo, pH sì jẹ́ 7.20.

Nígbà tí mítà bá sọ nǹkan mìíràn

Tí ẹ bá ṣe èyí ní láábù, mítà kò ní fi 7.20 hàn yín ní mìlílítà 75. Nítòsí 6.9 ni ẹ ó rí. Ìṣirò yín kò burú. Ka tí a lò jẹ́ ti omi tí áyọ́ọ̀nù inú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n gan-an. Nínú omi tó kún fún Na⁺ àti HPO₄²⁻, àwọn áyọ́ọ̀nù ń yí ara wọn ká, HPO₄²⁻ tó gbé iná méjì sì ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù. Ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú omi tí wọ́n fi ń ṣètò mítà: KH₂PO₄ móòlù 0.025 àti Na₂HPO₄ móòlù 0.025 nínú kílógíráàmù omi kan, pH rẹ̀ ní 25 °C sì jẹ́ 6.86. Àwọn méjèèjì dọ́gba níbẹ̀, síbẹ̀ kì í ṣe 7.20. Ẹni tó bá fẹ́ po bọ́fà fọ́sífeeti kí ó fi 6.86 yẹn sí ipò pKa2 nínú ìlànà òkè yìí, yóò sún mọ́ òótọ́ ju 7.20 lọ, kí ó wá fi mítà tún un ṣe.

Ṣùgbọ́n tí mítà bá fi 6.6 hàn ní mìlílítà 75, ọ̀rọ̀ áyọ́ọ̀nù nìkan kọ́ nìyẹn. Sódà yín ni kí ẹ fura sí. Kọ́sítíìkì sódà máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, ohun tí ẹ wọ̀n bíi gíráàmù 4 lè má jẹ́ gíráàmù 4 sódà. Ká ní ó jẹ́ 0.090 M dípò 0.10 M: mìlílítà 75 á mú mìlímóòlù 6.75 wá, HPO₄²⁻ á jẹ́ 1.75, H₂PO₄⁻ á jẹ́ 3.25, log ìpín wọn á sì fa pH wálẹ̀ ní 0.27. Kí ẹ lè mọ̀ dájú, ẹ tún un dà láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa kọ pH sílẹ̀ ní mìlílítà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wo ibi tí ó ti fò sókè jù lọ nítòsí 4.7. Ìfò yẹn yẹ kó wáyé ní mìlílítà 50. Tó bá jẹ́ pé 55.6 ló ti fò, tí ìwọ̀n ásíìdì yín sì dá yín lójú, ẹ fi 55.6 pín mìlímóòlù 5, ẹ ó rí 0.090, ìyẹn sì ni kí ẹ kọ sára ìgò sódà náà.